Sípíkà Tó Ń Kùn Bí Oyin ní Gbọ̀ngàn Kan ní Ìgbógbó

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn ayẹyẹ kan ní Ìgbógbó, nítòsí Ìkòròdú. Ìgbéyàwó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, sípíkà wọn sì ń kùn ṣáá bí oyin, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan máìkì. Màmá tó ni gbọ̀ngàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kí àlejò má bá mi nínú ariwo yìí."

Mo kọ́kọ́ yí gbogbo bọ́tìnnì ohùn orí míkísà wálẹ̀. Kíkùn náà ò mira. Mo wá yọ wáyà lẹ́yìn sípíkà, ló bá dákẹ́ lọ́gán. Ara sípíkà le nìyẹn, ọ̀nà wáyà ni ariwo ń gbà wọlé. Mo tọ wáyà náà láti ìdí dé ìdí: ó tó mítà 20, ó sì fara ti wáyà iná tó ń gbé fìríìjì àti fáànù. Mo gbé e jìnnà síbẹ̀, kíkùn dín kù. Nígbà tí mo wo orí jáàkì rẹ̀, òrùka dúdú kan ṣoṣo ni mo rí.

Òrùka dúdú kan fi hàn pé wáyà náà ò bálánsì. Okùn kan ló ń gbé ohùn, àwọ̀n tó yí i ká ni ohùn ń gbà padà. Ariwo iná tó bá wọ̀ ọ́ ti di ara orin nìyẹn. Nínú wáyà tó bálánsì, okùn méjì ló ń gbé ohùn kan náà, àmọ́ wọ́n yí ti èkejì sódì. Òjò kan náà ló pa àwọn méjèèjì lójú ọ̀nà. Tí wọ́n bá dé inú sípíkà, á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: ariwo tó bá wọn dọ́gba á pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn tí wọ́n yí sódì á sì di ìlọ́po méjì.

Ẹnu XLR, ìyẹn ẹnu tí wáyà tó bálánsì ń wọ̀, wà lẹ́yìn míkísà àti lẹ́yìn sípíkà méjèèjì, kò kàn sẹ́ni tó lò ó ni. Mo ra wáyà XLR méjì ní Sábọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní: 1 fún áàtì, 2 fún ohùn, 3 fún ohùn tí wọ́n yí sódì. Mo ní kí n dán wọn wò ná. Mo fi ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ iná wò kan ẹsẹ̀ 3 àti ẹsẹ̀ 1 ọ̀kan nínú wọn, ló bá ké. Mo tú ìdí rẹ̀: okùn kan péré ló wà nínú ẹ̀, wọ́n fi òjé so 3 mọ́ 1. Orí XLR ni, inú rẹ̀ ò bálánsì rárá! Mo dá a padà, mo gba òmíràn. Nígbà tí mo so méjèèjì, kíkùn lọ.

Ó ku kíbọ́ọ̀dù. Jáàkì tí kò bálánsì ló ń jáde lára rẹ̀, wáyà tó dáa tó wù kó jẹ́ kò lè yí ìyẹn padà. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ wà níwájú, míkísà wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo fi wáyà mítà 2 so ó mọ́ àpótí DI tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àpótí yẹn ló ń sọ ọ́ di oníbálánsì, mo wá fi XLR gbé e dé míkísà. Tí míkísà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, jáàkì lásán ì bá tó. Tó bá ti ń kọjá mítà 5 tàbí 6 ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Kíkùn díẹ̀ ṣẹ́kù, ọmọkùnrin kan sì ní ká gé ẹsẹ̀ áàtì púlọ́ọ̀gì. Mo kọ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbani tí iná bá jò sára ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì tó ń gé áàtì wáyà ohùn nìkan wà lára àpótí DI fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tán.

Láàárọ̀ Sátidé, DJ dé. Ẹ̀rọ síídì rẹ̀ ò yọ mí lẹ́nu: RCA funfun àti pupa, mítà kan ààbọ̀, tààrà sí ẹnu RCA míkísà. RCA ò lè bálánsì, ojú méjì péré ló ní, àmọ́ kò níṣòro nírú ibi kúkúrú bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó fi wáyà olórùka dúdú méjì so ó mọ́ ojú jáàkì kan lára míkísà. Ìlù ń dún, gìtá ń dún lọ́nà jíjìn, ohùn olórin ò sí níbì kankan. DJ ní orin náà ti bàjẹ́.

Orin ò bàjẹ́. Òrùka méjì máa ń jẹ́ bálánsì lẹ́yìn míkísà, àmọ́ lára láptọ́ọ̀pù, òsì àti ọ̀tún ni wọ́n. Míkísà rò pé oníbálánsì ni, ó yọ ọ̀tún kúrò nínú òsì. Ohun tó bá dọ́gba ní ìhà méjèèjì, bí ohùn olórin tó máa ń wà láàárín, á pa rẹ́ bí ariwo iná ṣe ń pa rẹ́. Mo fún un ní wáyà tó pín sí jáàkì ńlá méjì, olórùka kọ̀ọ̀kan, mo kì wọ́n bọ ojú méjì, mo yí ọ̀kan sí òsì, èkejì sí ọ̀tún. Ohùn olórin padà kí ìyàwó tó jó wọlé.