Fọ́tò "yam" láti ọjà Amẹ́ríkà: bí ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá isu ni

Bí ẹ bá kọ "yam" sínú áàpù ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ohun tó máa kọ́kọ́ jáde ni ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ kò purọ́, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Lùísíánà bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ yìí ta ọ̀dùnkún wọn tó rọ̀, tó sì lómi nínú, kí oníbàárà má baà kà á mọ́ irú èyí tó gbẹ tí àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ń tà. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ wọn ní kí àmì tó bá kọ "yam" sára ọ̀dùnkún kọ "sweet potato" mọ́ ọn, nítorí náà ẹ máa ka àmì náà dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ méjèèjì pa pọ̀, ẹ máa lọ, kò sí iyán níbẹ̀.

Ohun kejì tí fọ́tò lè fi hàn yín kí ẹ tó wo ohun ọ̀gbìn náà fúnra rẹ̀ ni ìlú tó ti wá. Òfin ní kí àwọn ilé ìtajà ńlá kọ ọ́ síbi tí oníbàárà ti lè rí i, yálà lára páálí, lára sítíkà kékeré, tàbí lórí pátákó iye owó. "Product of USA" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀rí pé ọ̀dùnkún ni, nítorí wọn kì í gbin isu fún títà lọ́pọ̀ yanturu níbẹ̀. Àríwá Kàrólínà ni ọ̀dùnkún wọn ti ń wá jù. Bí ó bá jẹ́ Gánà, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ isu funfun tí ẹ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ Kosta Ríkà, ẹ má tíì yọ̀, torí pé ẹ̀gẹ́, kókò àti isu ni gbogbo wọn ń ti ibẹ̀ wá.

Nísinsìnyí, fọ́tò fúnra rẹ̀. Fọ́tò kan tí wọ́n yà láti òkè, tí gbogbo rẹ̀ kún inú àpótí, kò tó. Bí ẹlòmíràn bá ń bá yín rà á, ẹ ní kó ya mẹ́ta: ọ̀kan tó fi odidi rẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ mọ bó ṣe gùn tó, bí ike omi, ọ̀kan tó sún mọ́ orí àti ìdí rẹ̀, àti ọ̀kan níbi tí wọ́n ti gé e. Kó yà wọ́n lẹ́bàá ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, nítorí iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń jẹ́ kí funfun pọ́n, àwọ̀ inú sì ni ẹ máa fi dájọ́.

Láti ya ọ̀dùnkún sọ́tọ̀ kò le. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó jọ̀lọ̀, ó sì pọ́n, tàbí kó ní àwọ̀ bàbà. Orí àti ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, àárín rẹ̀ ló tóbi, kì í sì í sábà gùn ju ìbú ọwọ́ àgbàlagbà méjì lọ. Èyí tó ń da ènìyàn láàmú ni irú ọ̀dùnkún kan tí àwọn ará Kúbà ní Màyámì ń pè ní "boniato": èèpo rẹ̀ pupa, inú rẹ̀ funfun. Nínú fọ́tò ibi tí wọ́n gé, funfun yẹn lè tan yín. Ẹ padà sára èèpo. Èèpo isu le, ó sì rí hágahàga bí èèpo igi. Ẹ máa rí okùn gbòǹgbò kéékèèké tó ti gbẹ lára rẹ̀. Orí isu sì ní ibi líle kan tí igi rẹ̀ ti hù jáde, tó rí gbágungbàgun. Ọ̀dùnkún kì í ní irú orí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ló máa ń mú àwọn tó gbọ́n jù. Orúkọ rẹ̀ lórí àmì ni "yuca" tàbí "cassava". Èèpo tirẹ̀ náà ṣe hágahàga, ó gùn, inú rẹ̀ sì funfun. Àmọ́ ẹ wo ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ lára rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í pẹ́ bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú rẹ̀ ti lè dúdú, nítorí náà wọ́n máa ń bò ó ní ìda kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìda yìí ló ń dán nínú fọ́tò. Isu láti Gánà kì í dán, ó máa ń rí bí ohun tí eruku ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tún máa ń tóbi ní òkè, kó sì máa tín-ín-rín lọ sí ìdí, pẹ̀lú ọrùn kékeré níbi tí wọ́n ti gé e kúrò lára igi rẹ̀. Isu nípọn bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí kí ìdí rẹ̀ tilẹ̀ tóbi ju orí lọ.

Bí fọ́tò ibi tí wọ́n gé bá wà, iyèméjì tán. Láàárín gbùngbùn ẹ̀gẹ́, ẹ máa rí àmì kékeré kan, ìṣan líle tó gba àárín rẹ̀ kọjá láti orí dé ìdí. Lábẹ́ èèpo rẹ̀, awọ kejì kan tún wà tó nípọn, tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, tó máa ń ṣí kúrò lára ẹran rẹ̀. Isu kò ní ìṣan láàárín, kò sì ní awọ kejì. Ojú rẹ̀ máa ń tutù, ó sì ń yọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú bí aró káàkiri ojú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gé, ó ti pẹ́, ẹ má rà á. Àṣìṣe yìí ju ti iyán tó bàjẹ́ lọ: ẹni tó bá rò pé isu lòun ń sè lè gbé ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ kó tó jinná dáadáa, bẹ́ẹ̀ májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ bó o, ẹ sè é jinná, ẹ da omi rẹ̀ nù. Bí ó bá korò lẹ́nu lẹ́yìn tó jinná, ẹ dà á nù.

Kókò kò ní pẹ́ wa. Ẹ máa rí i lórí àmì bí "malanga", "taro" tàbí "eddo". Ìlà yíyípo ló fi ń hàn, òrùka lórí òrùka yí ara rẹ̀ ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, irun sì wà lára rẹ̀. Isu kì í ní òrùka. Bí àmì eléèsè àlùkò wínníwínní bá wà níbi tí wọ́n gé e, kókò ni, kò sì gbọdọ̀ kan ẹnu títí yóò fi jinná, torí yóò yún yín lọ́fun.

Ibi tó le gan-an ni kí ẹ ti mọ̀ pé isu ni, kí ẹ má sì mọ irú isu tó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò kan yẹ̀ wò. Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà kan ní Hústọ̀nù. Àmì rẹ̀ kọ "ÑAME", sítíkà rẹ̀ kọ Kosta Ríkà. Èèpo rẹ̀ dúdú díẹ̀, kò dán, okùn gbòǹgbò wà lára rẹ̀. Kò sí òrùka. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀gẹ́, kì í ṣe kókò, isu ni, orúkọ orí àmì náà sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí "ñame" ni isu lédè Sípéènì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: ó sanra, kò gún régé, ìdí rẹ̀ la ẹsẹ̀ bí ẹni fẹ́ di méjì. Níbi tí wọ́n ti gé e, ó funfun báláú, omi sì ń sun lójú rẹ̀. Gbogbo èyí ń tọ́ka sí ewùrà, ewùrà sì pọ̀ nínú isu tó ń ti Kosta Ríkà wá. Ẹni tó bá fẹ́ gún iyán kó má rà á, nítorí kò ní fà, yóò kàn máa fọ́ lójú odó ni. Fún ìkọ́kọ́rẹ́ tàbí ọ̀jọ̀jọ̀, kó ra méjì. Isu funfun láti Gánà, tí wọ́n ń pè ní "puna" lórí páálí, máa ń gùn gbọọrọ, ó máa ń rí róbótó, ojú ibi tí wọ́n gé e sì máa ń ní àwọ̀ wàrà díẹ̀, kì í lómi tó bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò kò lè yanjú ọ̀rọ̀ ewùrà ní gbogbo ìgbà, torí pé ewùrà kan wà tó gùn tó sì gún régé bí isu gidi. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún yín. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà àti Káríbíánì máa ń gé isu tà, ní ìwọ̀n pọ́n-ùn kan sí méjì, ẹ ó sì sè é wò lálẹ́ ọjọ́ náà. Nípa ìwọ̀n, ẹ mọ̀ pé isu tó gùn ní ínṣì 12, tó nípọn ní ínṣì 4, yóò tó bíi pọ́n-ùn 5. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá kọ 9 sí i lórí fọ́tò, ẹ ní kó gbé e sórí ìwọ̀n kó tún yà á.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tún fi ojú wá ibi tó rì tàbí tó dúdú nítòsí orí isu, nítorí ibẹ̀ ni ìjẹrà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀, èèpo sì máa ń bo ibi tó rọ̀ mọ́lẹ̀. Lásìkò òtútù, ẹ bèèrè bóyá inú fíríìjì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Òtútù tó bá kéré sí nǹkan bí ìwọ̀n 12 lórí Sẹ́lísíọ̀sì máa ń ba isu jẹ́ láti inú wá láìhàn lára èèpo, ọjọ́ tí ẹ bá gé e lẹ máa tó rí i pé gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí fọ́tò ibi tí wọ́n gé fi ṣe pàtàkì ju fọ́tò odidi lọ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá kọ̀ láti gé e, ẹ ra ẹyọ kan péré, ẹ gé e níwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó, kí ẹ tó pinnu lórí páálí.