Má fi iye tó wà lójú áàpù san gbèsè rẹ parí: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ san ẹ̀yáwó ṣáájú ọjọ́

Owó ńlá kan bọ́ sọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin, ó sì pinnu pé òun yóò fi í san gbèsè òun tán. Ó ku oṣù mẹ́wàá kí ọjọ́ àdéhùn ẹ̀yáwó náà tó pé. Ó ṣí áàpù ilé ayánilówó rẹ̀, ó rí 1,000,000 níbi tí wọ́n kọ iye tó kù sí, ó fi 1,000,000 ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì fagi lé àṣẹ tí wọ́n fi ń yọ owó oṣooṣù nínú àkáǹtì rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é pé ó ti ń jẹ wọ́n, kò sì san.

Iye tó wà lójú áàpù ló ṣì í lọ́nà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ojú owó nìkan ni iye yẹn, ìyẹn ohun tó kù nínú owó tí a yá gan-an, láìka èlé mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ èlé kì í dúró de òpin oṣù, ojoojúmọ́ ló ń gorí gbèsè. Iye tí ó lè pa gbèsè náà dé, tí mo máa pè ní iye àsanparí níhìn-ín, ní ojú owó nínú, ó ní èlé láti ìgbà tí a san gbẹ̀yìn títí di ọjọ́ tí owó wa bá wọ ọwọ́ wọn, ó sì ní owó ìtanràn sísan ṣáájú ọjọ́ bí àdéhùn bá fàyè gbà á. Bí a bá ti jẹ owó ìpẹ́ kan sẹ́yìn, òun náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tirẹ̀. Èlé rẹ̀ jẹ́ 18.25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Lórí 1,000,000, ìyẹn jẹ́ 182,500 lọ́dún. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 365, ó di 500 lójúmọ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù ló san gbẹ̀yìn, ọjọ́ kọkàndínlógún ló fi owó ńlá yìí ránṣẹ́. Èlé ọjọ́ 18 nìyẹn, 9,000. Ìwé àdéhùn sì sọ pé ẹni tó bá san parí ṣáájú ọjọ́ yóò fi 2 nínú ọgọ́rùn-ún ojú owó tó kù kún un, ìyẹn 20,000. Iye àsanparí rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ 1,029,000. Nígbà tí 1,000,000 dé, èlé àti ìtanràn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, 29,000 sì ṣẹ́ kù nínú ojú owó.

Èlé orí 29,000 kò tó nǹkan, kò ju 14.50 lójúmọ́ lọ. Ohun tó dun àbúrò mi ni pé ó ti fagi lé àṣẹ yíyọ owó, nítorí náà ohunkóhun kò wọlé mọ́ lóṣooṣù. Owó ìtanràn ìpẹ́ ń gun ara wọn, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń san gbèsè. Ìbínú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá gbà á là.

Àwọn mìíràn béèrè, ṣùgbọ́n orí fóònù ni wọ́n ti béèrè, ẹni tó gbé fóònù sọ iye kan láìsọ ọjọ́. Iye tí kò ní ọjọ́ kò wúlò, torí pé lọ́la yóò ti yàtọ̀. Lẹ́tà tàbí íméèlì ni kí ẹ fi béèrè, kí ìdáhùn náà sì wà lákọsílẹ̀. Ohun tí ẹ máa kọ kò gùn:

"Mo fẹ́ san ẹ̀yáwó mi parí pátápátá. Nọ́ńbà ẹ̀yáwó náà nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye àsanparí rẹ̀ fún mi títí di ọjọ́ báyìí, kí ẹ ya ojú owó, èlé, owó ìtanràn àti owó mìíràn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ sọ iye èlé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí iye náà kò ní wúlò mọ́, àkáǹtì tí mo máa san án sí, àti ibi tí owó ìtanràn náà wà nínú àdéhùn."

Ọjọ́ tí ẹ máa yàn kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa fi owó ránṣẹ́ bí kò ṣe ọjọ́ tí owó máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ó lè di ọjọ́ Ajé kó tó wọlé. Bí èlé ọjọ́ kan bá jẹ́ 500, ọjọ́ mẹ́ta ti jẹ́ 1,500, gbèsè náà kò sì ní pa dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ béèrè èlé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: bí owó bá máa pẹ́, ẹ̀yin fúnra yín lè fi ìyàtọ̀ kún un.

Ti owó ìtanràn náà, àṣìṣe méjì tó tako ara wọn ni mo máa ń rí. Ẹnì kan kò ka àdéhùn rárá, ẹnì kejì rí ọ̀rọ̀ ìtanràn, ẹ̀rù bà á, kò sì san mọ́. Ibì kan máa ń fi ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún ojú owó ṣe é, ibòmíràn èlé oṣù mélòó kan, ibòmíràn ó ń dín kù lọ́dọọdún títí yóò fi kúrò pátápátá. Bí ìgbà tí yóò kúrò bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ ní sùúrù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í wé èlé tí ẹ kò ní san mọ́. Bí àbúrò mi bá ń san án lọ fún oṣù mẹ́wàá, èlé bíi 85,000 ni ì bá san. Ó ti jẹ 9,000 nínú rẹ̀ kó tó san, ó ku bíi 76,000. Ẹ yọ 20,000 ìtanràn kúrò, èrè tó lé ní 50,000 wà níbẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ká ní oṣù kan ṣoṣo ló kù, ojú owó rẹ̀ ì bá jẹ́ bíi 107,000, èlé tó kù bíi 1,600, ìtanràn sì lé ní 2,000. Kí ó máa san án lọ ló dára nígbà náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀yáwó tí wọ́n ti ṣírò gbogbo èlé rẹ̀ mọ́ owó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí oṣù bá jẹ́ 12, tí gbogbo èlé sì jẹ́ 78,000, àwọn kan máa ń gba 12,000 lóṣù àkọ́kọ́, 11,000 lóṣù kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé 1,000. Ẹni tó bá san parí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà rò pé wọ́n á dá ìdajì padà, 39,000. 21,000 péré ni ohun tó kù. Kò sí orúkọ ìtanràn lórí rẹ̀, ìtanràn ni síbẹ̀. Ẹ béèrè pé èlé mélòó ni wọ́n máa yọ kúrò bí ẹ bá san lónìí.

Nígbà tí ẹ bá ń san án, ẹ kọ ọ́ sára owó náà pé àsanparí ni, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yáwó. Láìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kà á sí owó oṣooṣù tí ẹ san sílẹ̀, kí èlé máa lọ bó ṣe ń lọ. Ẹ má sì fagi lé àṣẹ yíyọ owó títí wọ́n fi kọ̀wé pé gbèsè náà ti di òfo. Bí wọ́n bá yọ owó kan lé e, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà. Ìwé yẹn náà ni ẹ máa fi gba ohun ìdógò yín, tí onídùúró yín náà yóò sì fi mọ̀ pé ọrùn òun ti mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹ wo àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí orúkọ yín bá ṣì wà níbẹ̀ bí onígbèsè, ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn.