Tẹ́ńdà tí ẹ ò fẹ́ dá sí: àwọn àṣìṣe tó ń bá orúkọ agbaṣẹ́ṣe jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbéṣẹ́ jáde

Ẹ jẹ́ ká mú iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ilé-ẹ̀rọ ńlá kan ní Àgbárá fi ìwé tẹ́ńdà ránṣẹ́ sí wọn: jẹnẹrétọ̀ 11, iṣẹ́ ọdún 2, mẹkáníìkì kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọjọ́ 3 oṣù ni ìwé dé. Kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 10 kí wọ́n tó sọ bóyá wọ́n máa kópa, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 24 kí iye owó tó wọlé. Mẹkáníìkì 4 péré ni wọ́n ní, wákàtí 168 ló sì wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe wákàtí 40, gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò tó fún Àgbárá nìkan, ká má tíì sọ ti àwọn oníbàárà tó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ò ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí Àgbárá yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn agbaṣẹ́ṣe tó máa ń pè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní àìfèsì náà ti jẹ́ èsì. Ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbéṣẹ́ jáde. Ó pe iléeṣẹ́ 5, òfin ilé tiwọn sì ní iye owó 3 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni. Bí ẹni 3 bá sọ lọ́jọ́ 6 pé àwọn ò ṣe, á tètè pe ẹlòmíì. Bí àwọn 3 náà bá dákẹ́ títí di ọjọ́ 24, iye owó 2 ló kù sí i lọ́wọ́, bóyá kó tún tẹ́ńdà náà pè látìbẹ̀rẹ̀, tàbí kó lọ máa ṣàlàyé fún àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Nígbà míì tó bá ń tún ìwé orúkọ ṣe, àwọn tó dákẹ́ ló máa kọ́kọ́ rántí.

Èyí tó léwu jù ni ká fi iye owó tí a mọ̀ pé kò lè wọlé ránṣẹ́, kó kàn lè dà bíi pé a kópa. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe ẹni tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èló ni kí n kọ kí n má baà gba iṣẹ́ yìí mọ́ yín lọ́wọ́?” Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n, ó ti di ẹjọ́. Lọ́dún 2009, àjọ tó ń bójú tó ìdíje ọjà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, OFT, bu owó ìtanràn £129.2 mílíọ̀nù lé iléeṣẹ́ kọ́lékọ́lé 103 lórí, irú iye owó àjùmọ̀ṣe báyìí ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé àwọn ní lọ́kàn kò ju kí oníbàárà má yọ orúkọ àwọn lọ. Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje ọjà ti ọdún 2018 náà ka irú àjọsọ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Bí ẹ ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, iye owó àsọdùn yẹn á wà nínú fáìlì wọn. Lọ́dún tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ iṣẹ́ gan-an, wọ́n á ti máa pè yín ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n jù.

Àṣìṣe tó tún tẹ̀ lé èyí ni lẹ́tà tí kò sọ nǹkan kan, tàbí èyí tó sọ ju bó ṣe yẹ lọ. “Nítorí ohun tó kọjá agbára wa” kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ má sì sọ lẹ́tà náà di ibi ìráhùn pé wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó sanwó. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ 90 tí wọ́n fi ń sanwó ló dá yín dúró lóòótọ́, gbólóhùn kan tó. Ìdí kan tó ṣeé gbà gbọ́, àkókò tẹ́ ẹ máa lè ṣe irú rẹ̀, àti ìwọ̀n iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè gbà ni wọ́n nílò. Ní ti Ìkẹjà, ó lè rí báyìí:

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí wa fún iṣẹ́ ìtọ́jú jẹnẹrétọ̀ 11. A ò ní lè kópa, nítorí pé gbogbo mẹkáníìkì wa ló wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òpin oṣù Kẹsàn-án, iṣẹ́ yín sì nílò ẹni tó máa wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Láti oṣù Kẹwàá, a lè gba ìtọ́jú oṣooṣù tí kò ní mẹkáníìkì àbágbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí orúkọ wa ṣì wà nínú ìwé yín. A ti pa ìwé tẹ́ńdà náà rẹ́ gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ní ká ṣe.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn wà níbẹ̀ nítorí pé iléeṣẹ́ Ìkẹjà ti bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn pé àwọn máa pa àṣírí tẹ́ńdà náà mọ́. Ẹ má kọ orúkọ oníbàárà tó gba mẹkáníìkì yín síbẹ̀. Ẹ má sì dárúkọ iléeṣẹ́ míì fún wọn àfi tí wọ́n bá bi yín, torí bí ẹni yẹn bá ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n á rántí.

Fífi ímeèlì ránṣẹ́ nìkan kì í tó níbi tí tẹ́ńdà bá ti gba orí ẹ̀rọ wá. Lórí SAP Ariba, ẹ̀rọ ayélujára tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń pe tẹ́ńdà, ẹ tẹ `Decline to Respond` kẹ́ ẹ sì kọ ìdí síbẹ̀. Bí ọ̀gá tó ka ímeèlì yín bá kúrò níbi iṣẹ́ lọ́la, ohun tó wà lórí ẹ̀rọ ni ẹni tó gbapò rẹ̀ máa rí. Ẹ tún wo déètì ìwé owó orí àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá àkókò, ẹ̀rọ lè dá orúkọ yín dúró láìbi ẹnikẹ́ni, lẹ́tà yín ì báà dára tó bí ó ti wù.