Owó Oṣù Sancho Panza: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ̀wé Lórí Ọ̀gá àti Ìránṣẹ́ Nínú Don Quixote

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí owó àti ipò ṣe ń so ọ̀gá mọ́ ìránṣẹ́ nínú ìwé ìtàn àròsọ, Don Quixote ti Miguel de Cervantes ni kí ó kọ́kọ́ ṣí. Apá kìíní jáde ní 1605, apá kejì ní 1615. Ọ̀gá ni Don Quixote, ọlọ́lá ìgbèríko tí ìwé ìtàn akọni ẹlẹ́ṣin ti yí lórí, tó wá ń rìn kiri bí akọni; ìránṣẹ́ rẹ̀ ni Sancho Panza. Àwọn méjèèjì ń dúnàádúrà nínú rẹ̀, wọ́n ń ka gbèsè, wọ́n sì ń pe iye owó lórúkọ. Ó ń dunni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ àyẹ̀wò lórí rẹ̀ máa ń fo gbogbo ibi wọ̀nyí, kí wọ́n lè tètè dé ibi tí Sancho ti ń sunkún.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti gba ara wọn síṣẹ́. Ní orí 7 apá kìíní, Sancho jẹ́ àgbẹ̀ aládùúgbò Don Quixote, tálákà tí ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Don Quixote kò dárúkọ owó oṣù kankan fún un. Erékùṣù ni ó ṣèlérí, pé bí ogun bá ti ṣẹ́, òun yóò fi í jẹ gómìnà ibẹ̀. Ìlérí yìí ni àdéhùn iṣẹ́ wọn, òun náà ló sì bí gbogbo ìjà owó tí wọ́n máa jà títí ìwé yóò fi parí.

Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé lédè Yorùbá tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ orúkọ tí yóò pe Sancho. Kì í ṣe ẹrú, nítorí kò sẹ́ni tó rà á. Kì í ṣe ìwọ̀fà, nítorí kò jẹ ọ̀gá rẹ̀ lówó tí yóò máa fi iṣẹ́ san èlé rẹ̀. Bí gbèsè bá wà níbẹ̀, ọ̀gá ló jẹ ẹ́. "Ọmọ ọ̀dọ̀" náà kò bá a mu, torí ó lè padà sí ilé ara rẹ̀ nígbàkígbà, ó sì ti bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ gba owó rí. "Ìránṣẹ́" ló sún mọ́ ọn jù. Bí ẹ bá pè é ní ẹrú, ìbéèrè tó gbé ìwé náà ró yóò ti bọ́ sọnù: kí ló dé tí ẹni tó lè lọ kò lọ?

Àṣìṣe kejì ni kí a gbà pé olówó ni ọ̀gá. Orí 1 ti sọ ọ́ gbangba: oúnjẹ lásán ń jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó ń wọlé fún un, ó sì ti ta ilẹ̀ oko láti fi ra ìwé. Kí wọ́n tó jáde pa pọ̀ ní orí 7, ńṣe ló ta nǹkan kan, tó fi òmíràn dógò, kó tó rí owó díẹ̀ kó jọ. Ọmọ ọlọ́lá ni, ṣùgbọ́n ọlá náà kò ní owó lábẹ́. Bí a bá gbé èyí sọ́kàn, ìlérí erékùṣù yóò yé wa: ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ lè ṣèlérí ìjọba láì ná kọ́bọ̀.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè owó. Ní orí 20 apá kìíní, Sancho bi í léèrè iye tí ìránṣẹ́ akọni ẹlẹ́ṣin ń gbà láyé àtijọ́, bóyá oṣooṣù ni tàbí ojoojúmọ́, bíi ti lébírà tó ń bá bíríkìlà ṣiṣẹ́. Don Quixote ní òun kò gbà pé wọ́n gba owó oṣù rí. Oore ọ̀gá ni wọ́n ń retí. Ó fi kún un pé òun ti kọ orúkọ Sancho sínú ìwé ìhágún tí òun fi sílẹ̀ nílé. Ẹ fi àmì síbẹ̀, a ó padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sípéènì tó dúró fún oore yìí ni "merced". Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú "vuestra merced" tí Sancho fi ń pe ọ̀gá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń fi "ẹ" pe àgbà. Ọ̀gá máa ń fi "tú" dá a lóhùn, bí ẹni ń sọ pé "ìwọ". Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí Sancho bá la ẹnu kí ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń dárúkọ ohun tí wọ́n ń fún un dípò owó oṣù. Ìtumọ̀ tí ó bá kàn kọ "ọ̀gá mi" síbẹ̀ yóò pàdánù èyí pátápátá.

Ní orí 7 apá kejì, Sancho kò kàn béèrè lásán mọ́, ẹ̀tọ́ ló ń béèrè fún. Ìyàwó rẹ̀, Teresa, ti kì í nílọ̀ kí ó tó kúrò nílé. Sancho ní kí ọ̀gá òun dá iye kan fún òun lóṣù, nítorí oore a máa pẹ́ dé, tàbí kó dé láìdára, tàbí kó má dé rárá. Ó tilẹ̀ gbà pé bí erékùṣù náà bá bọ́ sí i, kí wọ́n yọ owó tó bá tọ́ nínú owó oṣù òun. Don Quixote kọ̀ jálẹ̀. Bí Sancho bá fẹ́ wá fún oore, kó wá. Bí kò bá fẹ́, ìránṣẹ́ kò wọ́n. Lójú ẹsẹ̀ ni Sansón Carrasco, ọmọ ilé ìwé gíga, wọlé, tó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Sancho rò pé ọ̀gá òun kò lè dá lọ láìsí òun. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbà láti lọ láìsí owó oṣù.

Àwọn kan á fa ẹkún yìí yọ, wọ́n á ní ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣíwájú ẹkún: ẹnìkan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo sì gbà pé ahun nìkan kọ́ ló ń ṣe Don Quixote. Bí ó bá san owó oṣù, á di ọ̀gá oko lásán tó háyà alágbàṣe, akọni inú ìwé náà á sì parẹ́.

Àṣìṣe kẹta, tó burú jù lójú mi, ni kí ènìyàn má ṣe ìṣirò. Ẹ mú bírò, kí ẹ ṣí orí 28 apá kejì. Sancho fẹ́ padà sílé, Don Quixote sì ní kó sọ iye tí òun jẹ ẹ́. Sancho ní nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ fún Tomé Carrasco, bàbá Sansón, dúkátì méjì ni òun ń gbà lóṣù, oúnjẹ lọ́tọ̀. Ríálì 11 ló wà nínú dúkátì kan, nítorí náà ó jẹ́ 22. Ó béèrè fún ríálì 2 sí i nítorí pé iṣẹ́ yìí le jù, nítorí níbi iṣẹ́ àgbẹ̀, ó kéré tán, ènìyàn ń jẹ ọbẹ̀ gbígbóná lálẹ́, ó sì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún béèrè fún ríálì 6 nítorí erékùṣù tí kò tíì rí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 30.

Erékùṣù tó fi tọ ọ̀gá rẹ̀ jáde nílé wá di ríálì 6 lóṣù. Iye àgbẹ̀ ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀: owó tó mọ̀, tó ti dì í lọ́wọ́ rí. Don Quixote ní ọjọ́ 25 ni wọ́n ti jáde, nítorí náà ríálì 25 ni. Sancho ní bí a bá kà á láti ọjọ́ tí a ti ṣèlérí erékùṣù, á ti ju ogún ọdún lọ, bí ọjọ́ mẹ́ta lé tàbí dín. Ogún ọdún lórí ríálì 30 jẹ́ 7,200. Don Quixote lu iwájú orí rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ìrìn wọn kò tó oṣù méjì. Ó wá sọ pé ó dàbí ẹni pé Sancho fẹ́ kí owó òun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí sórí owó oṣù. Ọwọ́ ìránṣẹ́ ni àpò owó wà! Ó lè ṣí i san ara rẹ̀, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀ ìfọkàntán, ẹ̀rí rẹ̀ lágbára ju omijé lọ.

Kí ẹ lè rí bí 22 yẹn ṣe tó, ẹ fi wé ti Andrés, ọmọkùnrin darandaran inú orí 4 apá kìíní. Ríálì 7 lóṣù ni, oṣù mẹ́sàn-án sì ti kọjá láìsan, ìyẹn 63. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ yọ bàtà mẹ́ta àti ríálì kan owó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lára rẹ̀ nígbà tó ń ṣàìsàn. Don Quixote gbèjà rẹ̀, ó gba ìbúra ọ̀gá náà, ó sì lọ. Bí ó ti kúrò ni wọ́n tún so ọmọ náà mọ́ igi, tí wọ́n nà án ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Akọni tó ń gbèjà owó oṣù ọmọ ọlọ́mọ kò ní san ti ìránṣẹ́ ara rẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn ni kí a gbà pé bí ọ̀gá bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ipò ti tán nìyẹn. Ní orí 11 apá kìíní, láàárín àwọn darandaran ewúrẹ́, Don Quixote ní kí Sancho jókòó ti òun, kí wọ́n jẹ nínú àwo kan, kí wọ́n mu nínú ife kan. Sancho dúpẹ́, ó ní búrẹ́dì àti àlùbọ́sà ní kọ̀rọ̀ òun dùn ju tòlótòló tí òun á máa rọra jẹ, tí òun á máa nu ẹnu, tí òun ò ní lè sín. Don Quixote fi ipá fà á lápá, ó mú un jókòó. Àṣẹ ni ìdọ́gba náà ti wá.

Nígbà tí ó yá, ipá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Lọ́dọ̀ ìjòyè ńlá kan ni wọ́n ti ní kí Sancho na ara rẹ̀ ní ẹgba 3,300 kí Dulcinea, obìnrin tí Don Quixote fọkàn yàn láàyò, lè bọ́ lọ́wọ́ èèdì. Ní orí 60 apá kejì, Don Quixote fẹ́ fi tipátipá nà án lóru. Sancho gbé e ṣubú, ó sì fi orókún tẹ̀ ẹ́ láyà. Ní orí 71, ọ̀gá wá béèrè iye. Ìdá mẹ́rin ríálì fún ẹgba kan, ìyẹn 825 fún gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ẹgba mẹ́fà sí mẹ́jọ, Sancho ní owó náà kéré, ọ̀gá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, Sancho sì yí pàṣán sí ara igi. Kò sóṣù tí wọ́n dá owó fún un, ṣùgbọ́n wọ́n dá owó fún awọ ara rẹ̀.

Ìwé ìhágún náà wà ní orí 74. Àṣìṣe tó gbẹ̀yìn ni kí a kà á bí ẹ̀bùn. Don Quixote ní kí wọ́n má ṣe bi Sancho léèrè owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìṣirò wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó bá ti san ohun tí òun jẹ ẹ́, kí ó jẹ́ tirẹ̀. "Ohun tí mo jẹ ẹ́" ni ọ̀rọ̀ tó lò, ẹni tó ti ń sọ látọjọ́ yìí pé oore ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fa ẹ̀bẹ̀ Sancho lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yọ, pé kí ọ̀gá òun má kú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fa gbólóhùn tó wà ní ojú ìwé díẹ̀ sísàlẹ̀ yọ pẹ̀lú. Ọ̀gá ṣì ń kú lọ, ọmọbìnrin arábìnrin rẹ̀ ń jẹun, obìnrin tó ń tọ́jú ilé ń mu ọtí, inú Sancho sì ń dùn, nítorí pé, bí Cervantes ti wí, ogún tí ènìyàn fẹ́ jẹ a máa pa díẹ̀ nínú ìrora ikú rẹ́.