Bí Ọ̀rẹ́ Rẹ Bá Ní Ìwọ Lòun Nífẹ̀ẹ́: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rẹ́ méjì, obìnrin làwọn méjèèjì, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan n'Ìbàdàn. Ọ̀kan ní àfẹ́sọ́nà ọkùnrin. Èkejì, obìnrin ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, èkejì yìí sọ ọ́ jáde pé, "Ìwọ ni mo nífẹ̀ẹ́." Ohun tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí ló sábà máa ń tú ọ̀rẹ́ ká.

Èyí tó burú jù ni pé kó o gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹlòmíì lọ, kó o ní ìmọ̀ràn lò ń wá. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin tàbí ọkùnrin sí ọkùnrin, ó sì fi ọdún 10 sí fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin náà ò dárúkọ ìfẹ́ tó wà lọ́kàn èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí gbowó lọ́wọ́ ẹni kì í wo ìyẹn. Fọ́tò ọ̀rọ̀ Wásáàpù kan ti tó: bí owó ò bá wọlé, wọ́n á fi han bàbá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, àti lándílọ́ọ̀dù. Nítorí náà, má ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pamọ́ rárá. Bó o bá nílò ẹni tó o máa bá sọ̀rọ̀, bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i ná.

Ìdáhùn tí kò lórí tí kò nídìí náà ń ṣe jàǹbá. Àánú rẹ̀ ń ṣe ọ́, lo bá ní, "Jẹ́ kí n rò ó wò," nígbà tí kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ rò. Gbólóhùn yẹn ni yóò máa gbé kiri fún oṣù gbáko, tí yóò máa wá ìtumọ̀ sí gbogbo ẹ̀rín rẹ. Sọ ọ́ tààrà: "Mi ò ní irú ìfẹ́ yẹn sí ẹ, kò sì ní yí padà. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ni ẹ́." Má fi àdúrà ìdáǹdè tàbí "ọkọ tìẹ náà á dé" kún un. Kò bi ọ́ nípa ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ máa ń ṣe àṣejù. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wọṣọ nínú balùwẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún àrùn. Àwọn mìíì á ṣì jọ máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ni kó sọ bí àlàfo náà ṣe máa gùn tó. Bó bá fẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìsí ìpè, kì í ṣe ìjà. Ẹ kàn fẹnu kò sí ọjọ́ tí ẹ máa tún fojú kanra.

Ìwọ tó o nífẹ̀ẹ́, má fi ọ̀rẹ́ ṣe ibùba, kó o máa dúró de ọjọ́ tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ máa jà. Bí orúkọ ọkùnrin yẹn bá ṣì ń lé oorun lójú rẹ, ẹ ò tíì lè jọ gbé yàrá kan.