Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi ìwé títà èṣí ṣírò ọjà ọdún

Nígbà tí mo ṣí ìwé títà mi láti mọ iye páálí mọ́ọ̀tì tí ó yẹ kí n rà sílẹ̀ fún Kérésìmesì ọdún 2025, ohun tí mo bá níbẹ̀ fún ọdún 2024, láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 24, ni páálí 72. Ti ọdún 2023, láàárín ọjọ́ kan náà, jẹ́ 150. Ẹni tí ó bá wo kìkì iye méjèèjì yìí yóò sọ pé àwọn ará Kàbà ti dín mọ́ọ̀tì rírà kù sí ìdajì, yóò ra 70 tàbí 80, yóò sì rò pé òun ti fi ọgbọ́n ṣe é. Àṣìṣe tí ó ń pa wá lára jù lọ nìyẹn, nítorí pé ìwé títà kì í sọ iye ọjà tí àwọn oníbàárà ń fẹ́. Iye tí wọ́n rí rà ni ó ń sọ. Bí ọjà bá sì ti tán ní ilé ìtajà, iye méjèèjì kò lè bára mu mọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 ni pé páálí mọ́ọ̀tì tí ó kẹ́yìn jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 21. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ 22 ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n wálé láti Èkó, Àbújá àti Kàdúná ti ń dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, tí mo sì ń sọ fún wọn pé ó ti tán. Ìyá kan láti Ìyàrá béèrè páálí márùn-ún, ó wo ibi tí mo máa ń to mọ́ọ̀tì sí, ó rí i pé ilẹ̀ lásán ni, ó sì sọdá sí òdìkejì títì. Nǹkan kan kò wọ inú ìwé mi nípa ìyá yìí. Ojú ìwé ọjọ́ 22, 23 àti 24 ṣófo ní ti mọ́ọ̀tì, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò béèrè rẹ̀.

N kò sì lè sáré lọ ra òmíràn. Lọ́kọ́jà ni a ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú ọjà wa, bí ó bá sì ti kọjá ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, yálà ọjà ti tán lọ́wọ́ ẹni tí a ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, tàbí owó rẹ̀ ti gbéra, tàbí kí ọkọ̀ má tètè kọjá ní ọ̀nà Obàjànà. Nítorí náà, ohun tí a bá fẹ́ tà ní ọjọ́ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn ti gbọ́dọ̀ wà nílé ṣáájú. Èyí ni ó mú kí ìṣirò yìí ṣòro fún àwa tí a wà ní ìhín ju fún ẹni tí ó ní ilé ìtajà lẹ́bàá ọjà ńlá, tí ó lè ránṣẹ́ ra ọjà ní àárọ̀ kí ó sì tà á ní ìrọ̀lẹ́.

Bí a bá ti mọ̀ pé ọjà tán, àṣìṣe kan tún wà tí àwọn olùṣọ́ra pàápàá máa ń ṣe. Wọn yóò pín 72 sí ọjọ́ 10 tí ọjà fi wà nílẹ̀, wọn yóò rí páálí méje lé díẹ̀ lójúmọ́, wọn yóò fi èyí kún ọjọ́ mẹ́ta tí ó ṣófo, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bí 94. Ìṣirò yìí gbà pé ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá rí bákan náà pẹ̀lú ọjọ́ 13, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tajà rí ní àsìkò ọdún mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún tí ọjà kò tán ni ó yẹ kí a fi wo bí títà ṣe ń lọ láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ìwé ọdún 2023 ni mo lò, nítorí pé ọjà wà lọ́wọ́ mi títí di alẹ́ ọjọ́ 24. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ páálí 20 kúrò nínú 150, nítorí pé ìdílé kan ni ó ra 20 yìí lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ 15 fún òkú àgbà, irú èyí kò sì ní í dédé padà wá lọ́dọọdún. Ó ku 130. Nínú 130 yìí, 52 ni a tà láti ọjọ́ 12 dé ọjọ́ 21, a sì ta 78 ní ọjọ́ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn. Ìyẹn ni pé nínú páálí 100 tí a bá tà, 40 péré ni ó ń lọ kí ó tó di ọjọ́ 22. Bí 72 tí a tà ní ọdún 2024 bá jẹ́ 40 nínú 100 yìí, a ó pín 72 sí 0.4, yóò sì fún wa ní 180. Nítorí náà, ìwé tí ó dà bí ẹni pé títà ti já wálẹ̀ sí ìdajì ń sọ fún wa pé àwọn tí ó fẹ́ ra mọ́ọ̀tì ti pọ̀ sí i gan-an.

Síbẹ̀, n kò lè fi ọkàn tán 180 yìí pátápátá. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 22 sí 24 bọ́ sí Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú, àwọn tí ń ti ìlú ńlá bọ̀ sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 2024, Àìkú, Ajé àti Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìparí ọ̀sẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú wọn. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti wọlé, kí wọ́n sì ti rajà, láti ọjọ́ 20 tàbí 21. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a tà ṣáájú ọjọ́ 22 lè tó ìdajì gbogbo ohun tí à bá tà, a ó sì pín 72 sí 0.5, yóò jẹ́ 144. Ohun tí mo gbà lọ́kàn, nítorí náà, ni pé ọjà tí wọ́n fẹ́ wà láàárín 144 àti 180. Fún ẹni tí ó ń ṣe irú ìṣirò yìí, ó sàn kí ó mọ ààlà méjì ju kí ó di iye kan ṣoṣo mú bí ẹni pé ó ti rí i lójú.

Àṣìṣe kejì tí mo fẹ́ sọ ni ti fífi owó ka ọjà. Ọ̀pọ̀ wa ni ó máa ń kọ iye owó tí ó wọlé lójúmọ́, tí a kì í kọ iye ọjà tí ó jáde. Ẹ jẹ́ kí a mú ìrẹsì ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnìkan bá ta àpò 40 ní ọdún kan, ní náírà 60,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, owó tí ó wọlé jẹ́ 2,400,000. Bí àpò kan bá di 100,000 ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí ó sì ta 30, owó tí ó wọlé jẹ́ 3,000,000. Ìwé owó yóò sọ fún un pé ọjà ń gbòòrò, yóò sì ra àpò 50, nígbà tí ó jẹ́ pé àpò mẹ́wàá ni títà rẹ̀ fi dín kù. Ẹni tí ó bá ta ìrẹsì ní mudu tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju báyìí lọ, nítorí pé nígbà tí àpò bá wọ́n, ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó ń ra àpò kan máa ń padà sí mudu. Àpò tí a tà yóò dín kù, ṣùgbọ́n ìrẹsì tí ó jáde kò ní í dín kù tó bẹ́ẹ̀. Kí ó wọn iye mudu tí ó wà nínú àpò kan ní ilé ìtajà tirẹ̀, kí ó sọ gbogbo mudu tí ó tà di àpò, kí ó tó fi ọdún kan wé òmíràn.

Àṣìṣe kẹta wọ́pọ̀ ní agbègbè tiwa nítorí pé Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé nínú agbo ilé kan náà, ọdún méjèèjì ni a sì ń tajà fún. Ẹnìkan yóò ṣí ìwé oṣù Kẹta ti ọdún tí ó kọjá láti ṣírò oṣù Kẹta ti ọdún yìí. Ní ọdún 2024, Ọjọ́ Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, Ìtúnu Ààwẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Ní ọdún 2025, Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ó ṣáájú, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, Àjíǹde sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ẹni tí ó fi oṣù wé oṣù ti fi ọdún ẹlẹ́sìn kan wé ti èkejì láìmọ̀. Ní ti wàrà àti ṣúgà, ó tún léwu sí i, nítorí pé nínú oṣù ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń tà fún ìṣínu, ààwẹ̀ sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, mo kọ iye ọjọ́ tí ó kù kí ọjọ́ ọdún ẹ̀sìn náà pé síbẹ̀, láti 21 wálẹ̀ dé òdo, mo sì ń fi ọjọ́ tí ó ku 7 wé ọjọ́ tí ó ku 7, oṣù yòówù kí ó bọ́ sí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, iye tí a ṣírò kọ́ ni iye tí a ó rà. Ó kù kí a béèrè pé kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ó bá ṣẹ́kù. Mọ́ọ̀tì tí kò bá tà ní Kérésìmesì yóò tà ní ọdún tuntun, bí a bá ti wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára agolo rẹ̀ kí a tó gbà á, nítorí náà mo lè sún mọ́ ààlà òkè. Ní ti adìyẹ inú yìnyín, mo máa ń dúró sí ààlà ìsàlẹ̀, nítorí pé iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì lè jẹ gbogbo èrè rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Páálí 165 ni mo rà fún Kérésìmesì ọdún 2025. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, 11 ni ó ṣẹ́kù, wọ́n sì ti tán kí ọdún tuntun tó wọlé. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ni pé mo ta 154, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọjà kò tán. Bí ó bá tán ní ọdún mìíràn, n óò kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó tán, n óò sì máa fa igi kan fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè rẹ̀ tí kò rí i rà, pẹ̀lú iye páálí tí ó ní òun fẹ́.