Bí Ẹni Mẹ́rin Ṣe Lè Sọ̀rọ̀ Kó Dà Bíi Pé Ẹnu Kan Ló Ti Jáde

Ẹ ti gbọ́ ọ rí níbi tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń ṣàlàyé pírójẹ́ẹ̀tì wọn níwájú olùkọ́: “Ẹ ṣeun. Èmi parí tèmi síbí o, ẹni tó kàn ń bọ̀.” Onítọ̀hún á jáde, á tún kí gbogbo àwọn olùkọ́, á dárúkọ ara rẹ̀, á ní “Apá tèmi dá lórí...” Ọ̀rọ̀ tó ti ń lọ geere á sì kú síbẹ̀. Bí ìyẹn bá gba ìṣẹ́jú àáyá 20, tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, odidi ìṣẹ́jú kan ti ṣòfò. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé àwọn tó ń gbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹni kan wé èkejì, wọn ò ní ráyè ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń sọ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ṣàpẹẹrẹ. Pírójẹ́ẹ̀tì wọn dá lórí ìdí tí gàrí ọjà kan fi ń tètè bu.

Ẹ fi ìbéèrè pín in

Síláìdì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kà: 12, ẹni kọ̀ọ̀kan mú 3. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè tí apá kọ̀ọ̀kan ń dáhùn sórí ìwé. Kí ló ń ṣe gàrí náà? Báwo la ṣe wádìí rẹ̀? Kí la rí? Kí ni kí àwọn tó ń yan gàrí ṣe sí i? Ìdáhùn ọ̀kan ló ń bí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí apá méjì tí ò bí ara wọn, ẹ tún wọn tò kí ẹ tó pín in fún ẹnikẹ́ni. Bí olùkọ́ ò bá sì fún olúkúlùkù ní máàkì tirẹ̀, ẹni mẹ́ta lè sọ̀rọ̀, kí ẹni kẹrin máa dáhùn ìbéèrè.

Ẹ há ojú ìsopọ̀ sórí

Ẹ lè sọ ìyókù bó bá ṣe wá sí yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbólóhùn ìkẹyìn ẹni kan àti gbólóhùn àkọ́kọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ mọ̀ ọ́n lórí. Ká pe ẹni kejì ní Kúnlé, ẹni kẹta ní Ṣadé. Kúnlé ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe wọn gàrí, tí wọ́n mú kó gbẹ, tí wọ́n sì tún un wọ̀n. Ó wá ní: “Ohun tó dín nínú ìwọ̀n yẹn ni omi tó fara pamọ́ sínú gàrí. Ṣé omi yẹn pọ̀ tó láti bà á jẹ́? Ṣadé.”

Ṣadé dáhùn: “Ó pọ̀ tó. Nínú àpò 5 tí a wọ̀n, omi inú 3 ti ju bó ṣe yẹ lọ.”

Kò kí ẹnikẹ́ni, kò sì dárúkọ, torí ẹni àkọ́kọ́ ti dárúkọ gbogbo wọn níbẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Kúnlé ò sọ pé “Ṣadé máa sọ fún wa bí omi ṣe pọ̀ jù.” Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ti jẹ ẹran inú ọbẹ̀ Ṣadé tán.

Ẹsẹ̀ àti ọwọ́

Ṣadé ò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Tó bá ti gbọ́ “fara pamọ́”, kó ti máa bọ̀. Kí Kúnlé má pa maikirofóònù kó tó gbé e fún un, kí Ṣadé má baà sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ní ti rìmóòtù síláìdì, Ṣadé ló máa tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn tó bá ti dáhùn. Bí Kúnlé bá tẹ̀ ẹ́ kó tó lọ, àwọn èèyàn á ti máa ka ìdáhùn lójú ògiri kí Ṣadé tó lanu.

Ẹ dán ìsopọ̀ nìkan wò

Kí ẹni tó ń parí sọ ìlàjì ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ sọ ìlàjì tirẹ̀. Ìsopọ̀ mẹ́ta á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 3, nítorí náà ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ fi fóònù gba ohùn yín, kí ẹ wá gbọ́ ọ. Bí ibì kan bá pa lọ́lọ́, ẹsẹ̀ ló pẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ “ẹ̀n-ẹ́n... ó dáa”, ẹnìkan ò tíì há gbólóhùn rẹ̀ sórí. Bí ẹ bá gbọ́ àlàyé kan náà lẹ́nu ẹni méjì, ẹ padà sídìí ìbéèrè. Ibi tí ẹ ti pín in ló ti wọ́.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí: wọ́n ní àkókò ti tán fún ẹni tó ṣáájú mi, ó sáré parí, ó gbàgbé ìbéèrè. Mo dúró bí ère, ìdáhùn wà lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tó bi mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń há ìbéèrè ẹni tó ṣáájú mi mọ́ tèmi. Bí ò bá bi í, màá bi ara mi, bí ìgbà tí Ṣadé bá ní: “Ó wá ku ká mọ̀ bóyá omi yẹn pọ̀ tó.”

Bí ẹnìkan ò bá sì wá lọ́jọ́ náà, ẹ má wá ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ fún ní apá náà, torí ó ti mọ ìbéèrè tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ìsopọ̀ kan á kúrò, ẹni tó kàn á sì gba ọ̀rọ̀ níbi tí ẹ ti jọ dán an wò.